Okùn kọ́ ló wà lọ́wọ́ Rhodes: irọ́ "há àmì sórí" nínú ìdánwò ìtàn

Ẹnìkan tún ti gbé ìmọ̀ràn yẹn dé fún àwọn ọmọ tó ń ka àwòrán ẹ̀fẹ̀ ayé àtijọ́ fún ìdánwò ìtàn: "Ẹ sáà há àwọn àmì sórí. Kìnnìún ni Gẹ̀ẹ́sì, béárì ni Rọ́ṣíà, ìbọn ni ogun, okùn ni oko ẹrú. Máàkì yín ti pé." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú ni. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé e á to gbogbo ohun tó rí nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ka ọjà lórí àtẹ, kò sì ní dáhùn ohun tí wọ́n bi í, ìyẹn ohun tí àwòrán náà sọ nípa ìgbà tí wọ́n yà á.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ìtàn wa. Linley Sambourne ló yà á fún ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ Punch ti Lọ́ńdọ̀nù (kì í ṣe ti Nàìjíríà o), ó sì jáde ní December 10, 1892. Cecil Rhodes, olówó Gẹ̀ẹ́sì tó ń wá ilẹ̀ Áfíríkà fún ìlú rẹ̀, ló ya ẹsẹ̀ lórí Áfíríkà, ẹsẹ̀ kan ní Káírò, èkejì ní Kéépù Táùn. Ó na apá méjèèjì, ó di ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú. Ìbọn wà ní èjìká rẹ̀.

Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni àwọn akàmì-sórí ń pè ní okùn, wọ́n á ní òun ni wọ́n fi ń de ẹrú. Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú láti 1807, ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ṣáájú àwòrán yìí. Wáyà ni. Wáyà tẹligíráàfù gan-an, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní "mo tẹ wáyà sí i." Rhodes ti sọ fáyé pé òun fẹ́ ta á láti Kéépù Táùn dé Káírò, olórí ìjọba Kéépù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gúúsù Áfíríkà, sì ni nígbà náà. Ẹni tí kò mọ èyí kò lè mọ ìdí tí ọwọ́ fi di wáyà mú, tí ìbọn sì wà lẹ́yìn. Ayàwòrán fẹ́ ká rí ọkùnrin tó ń fi ìròyìn àti okòwò so ilẹ̀ pọ̀, tí ipá sì wà nílẹ̀ bí nǹkan bá yí padà. Bí ìbọn bá jẹ́ ogun níbi gbogbo, ibo ni ọ̀tá wà nínú àwòrán yìí?

Ẹsẹ̀ yíyà náà ńkọ́? "Ìgbéraga" ni wọ́n máa ń kọ. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ló ni ìdáhùn: ó fi orúkọ Rhodes ṣeré lórí ère ńlá tó wà ní erékùṣù Rhodes láyé àwọn Gíríìkì, èyí tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ó ya ẹsẹ̀ lórí èbúté, tí ọkọ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ibi tí máàkì pọ̀ sí jù rèé, òun ni wọn kì í sì í kọ. Wọ́n á ní àwòrán náà fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ń jọba láti Kéépù dé Káírò. Irọ́ ni. Lóòótọ́, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wà ní Íjíbítì láti 1882. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọlẹ́yìn Máhídì, aṣáájú ẹ̀sìn Mùsùlùmí tó dìde ní Súdáànì, ló gba Khartoum ní 1885, Súdáànì ò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn títí di 1898. Ní ìhà gúúsù, àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì bá Jámánì ṣe ní 1890 ti fi ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tàǹsáníà lónìí sábẹ́ Jámánì, ó sì lọ kan ilẹ̀ Kóńgò ti ọba Bẹ́ljíọ̀mù. Gẹ̀ẹ́sì ò ní ojú ọ̀nà kankan níbẹ̀. Wáyà náà ò dé Káírò títí Rhodes fi kú ní 1902. Èrò ọkàn ni wọ́n yà, kì í ṣe ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́.

Bí ìbéèrè bá jẹ́ máàkì mẹ́fà, mú ohun méjì péré. Kọ ohun tí o rí, ohun tí òǹkàwé Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà mọ̀ nípa rẹ̀, àti ohun tó fi hàn nípa àkókò náà. Bí àpẹẹrẹ: "Rhodes di wáyà tẹligíráàfù mú láti Káírò dé Kéépù Táùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ètò yìí ni. Ó fi hàn pé ní 1892 àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan ń lérò láti so Áfíríkà pọ̀ lábẹ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì àti àwọn Máhídì wà lójú ọ̀nà." Gbólóhùn mẹ́ta ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé yíyìn ni Punch ń yin Rhodes ni àbí ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀? Ó dáa, mo gbà, àwòrán náà gba méjèèjì. Èyí tí o bá mú, fi ọwọ́ kan ibi tí o ti rí i nínú àwòrán, nítorí olùmáàkì ò ní fún "wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́" lásán ní nǹkan kan.