Ìyanṣẹ́lódì tí kò bófin mu kò sọ ìlélẹ́nuṣẹ́ di ohun tó tọ̀nà

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin pàápàá. Wọ́n gbà pé bí ìyanṣẹ́lódì bá ti lè tàpá sófin, gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, agbanisíṣẹ́ sì lè lé wọn dànù láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Nínú ìwé ìdánwò, gbólóhùn méjì péré ni ìgbàgbọ́ yìí máa ń bí: ìyanṣẹ́lódì náà kò bófin mu, nítorí náà ìlélẹ́nuṣẹ́ náà tọ̀nà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, ṣùgbọ́n kò bí èkejì rárá.

Òfin iṣẹ́ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nítorí náà ó dára kí a mú ọ̀kan ṣoṣo, kí a sì tẹ̀ lé e dópin. Ti orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ni mo mú, ìyẹn òfin àjọṣe òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1995, torí pé ó ya ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìlélẹ́nuṣẹ́ lọ́nà tó hàn kedere.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìbéèrè ìdánwò náà lọ báyìí. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ń bá àwọn aláṣẹ dúnàádúrà lórí àfikún owó oṣù, ọ̀rọ̀ náà forí ṣánpọ́n, ẹgbẹ́ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ CCMA, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ níbẹ̀. Ní ogúnjọ́ lẹ́yìn náà, nígbà tí ìlàjà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ lé aṣojú ẹgbẹ́ kan lọ pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ó rí alábòójútó fín, wọn kò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, 60 òṣìṣẹ́ kó irinṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n dá aṣojú àwọn padà, kí wọ́n sì fi kún owó oṣù. Láago mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹni tí kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ààbọ̀ tó lù ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí aago mọ́kànlá fi lù, gbogbo àwọn 60 náà ti gba ìwé gbélé-ẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùdáhùn gbọ́dọ̀ ṣe ni kó ya ẹ̀hónú méjèèjì sọ́tọ̀, torí pé òfin kò fojú kan náà wò wọ́n. Àfikún owó oṣù jẹ́ ohun tí kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Ìdúnàádúrà ló ń bí i, ìyanṣẹ́lódì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun ìjà tí òfin gbà láyè fún un. Àmọ́ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dúró kí CCMA fún wọn níwèé ẹ̀rí pé ìlàjà kò so èso, tàbí kí 30 ọjọ́ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà débẹ̀, kí wọ́n tó wá kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú ìyanṣẹ́lódì. Ti aṣojú tí wọ́n lé yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀tọ́ tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n fi dù ú, ọ̀nà wà láti gbé irú rẹ̀ lọ síwájú onídàájọ́, abala 65 òfin náà sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yan iṣẹ́ lódì lórí ohun tó bá ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ̀wé sí agbanisíṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú, ìyẹn kò ní sọ ọ́ di ohun tó bófin mu.

Nítorí náà, ìyanṣẹ́lódì yìí kò sí lábẹ́ ààbò òfin, yálà a wò ó láti apá owó oṣù tàbí láti apá aṣojú. Agbanisíṣẹ́ lè gba àṣẹ ilé ẹjọ́ láti dá a dúró, ó lè béèrè owó ìtanràn, òfin sì ka ìkópa nínú rẹ̀ sí ìwà àìtọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbé bírò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwà àìtọ́ kan kò tó láti lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ àfi bí ìdí bá tó, tí wọ́n sì gba ọ̀nà tó tọ́.

Láti mọ̀ bóyá ìdí tó, a ó wo bí ìrúfin náà ṣe wúwo tó, a ó wo bóyá àwọn òṣìṣẹ́ gbìyànjú láti tẹ̀ lé òfin, a ó sì wo bóyá agbanisíṣẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀hónú náà. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ìyanṣẹ́lódì náà kò ju wákàtí mẹ́ta lọ, ìbéèrè kò sì mẹ́nu ba ìwà ipá kankan. Ilé iṣẹ́ ló sì kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tó lé aṣojú láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kò mọ́ pátápátá: wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìlàjà fúnra wọn, wọn kò lè sọ pé àwọn kò mọ̀nà. Èrò tèmi ni pé òṣùwọ̀n tẹ̀ díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lórí kókó yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dáhùn lódìkejì, tó sì sọ ìdí rẹ̀, yóò gba máàkì.

Ti ọ̀nà tí wọ́n gbà ni kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Kí agbanisíṣẹ́ tó lé ẹnikẹ́ni nítorí irú ìyanṣẹ́lódì bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó tètè kàn sí olóyè ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní gbèdéke tó yé wọn yékéyéké, tó sọ ohun tí wọn yóò ṣe, ìgbà tí wọn yóò ṣe é àti ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ bí wọn kò bá ṣe é. Àkókò inú gbèdéke náà gbọ́dọ̀ tó fún wọn láti ronú, kí wọ́n sì gbàmọ̀ràn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó fún 60 ènìyàn láti rí olóyè ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè. Lọ́dún 2000, nínú ẹjọ́ Modise àti Steve's Spar, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fi kún un pé gbèdéke kò lè rọ́pò gbígbọ́ tẹnu ènìyàn. Méjèèjì ló yẹ kó wáyé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí kò sì ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ lọ́nà 60. Lẹ́tà kan sí ẹgbẹ́, tó béèrè ìdí tí wọn kò fi yẹ kí wọ́n lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, lè tó. Ilé iṣẹ́ wa kò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ láàárín ìdí àti ọ̀nà ló tún ń pinnu ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí gbà. Bí ilé ẹjọ́ bá sọ pé ìdí kò tó, ó lè dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà nìkan ló wọ́, owó ìtanràn ni wọn yóò máa retí, èyí tí kò lè ju owó oṣù 12 lọ. Ká ní ìyanṣẹ́lódì náà wà lábẹ́ ààbò òfin ni, tí wọ́n sì lé wọn nítorí rẹ̀, owó náà lè tó ti oṣù 24, ṣùgbọ́n ààbò yẹn kò bo ẹni tó bá lu ènìyàn tàbí tó ba ẹ̀rọ jẹ́, agbanisíṣẹ́ kò sì ní láti sanwó ọjọ́ tí wọn kò ṣiṣẹ́.

Ó ku ọ̀nà tí ẹjọ́ yóò gbà. Láàárín 30 ọjọ́ tí wọ́n lé wọn ni kí gbogbo wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ sí CCMA fún ìlàjà. Bí ìlàjà bá kùnà, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ni àwọn 60 náà yóò lọ, torí pé ìyanṣẹ́lódì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lé wọn. Aṣojú ní tirẹ̀, tí wọ́n lé fún ẹ̀sùn àrífín, yóò dúró sọ́dọ̀ onídàájọ́ CCMA. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sínú ẹjọ́ kan ṣoṣo ti gbé ọ̀kan nínú wọn lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.