Tìrẹ ni àgékù aṣọ, tèmi ni ọwọ́ tó ń rán an

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí mo ti kọ́ láti máa fetí sí lẹ́nu oníbàárà. Ọ̀rọ̀ náà ni "kàn". "Ẹ kàn bá mi lẹ òkúta dídán díẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ yìí." "Ẹ kàn fi àgékù yẹn rán kékeré fún ọmọ mi." Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti fi "kàn" ṣáájú iṣẹ́, ó ti yọ owó kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, kò sì tí ì bi mí bóyá mo gbà.

Télọ̀ ni mí, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Aṣọ òde ni mo máa ń rán jù, léèsì àti aṣọ ẹbí. Èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ò gùn: iṣẹ́ tí a kò dárúkọ nígbà tí à ń dúnàá dúrà, iṣẹ́ tuntun ni. Ó ní owó tirẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ẹnu mi tó lè sọ ọ́ jáde.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fi ọ̀fẹ́ rán gáùn ọmọdé kan láti inú àgékù léèsì ìyá rẹ̀. Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ kan péré ni màá fi ṣe é. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Aṣọ ọmọdé ní láínì tirẹ̀ àti síìpù tirẹ̀ bíi ti àgbà, apá rẹ̀ sì kéré débi pé ẹsẹ̀ máṣíìnì kì í fẹ́ yípo nínú rẹ̀. Odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ló gbà lọ́wọ́ mi, inú ọjọ́ oníbàárà mìíràn ni mo sì ti bù ú. Ẹni yẹn dé ní àárọ̀ Sátidé, a kò tí ì ṣẹ́ etí aṣọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú gèlè lórí, ó ń bú mi. Ó sì tọ́ kó bú mi. Ẹni tí mo ṣe lóore ti ń jó lóde tirẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oṣù tó kọjá, torí òun ni mo fi ń kọ èyí. Mọ́mì kan tí wọ́n ju ìyá mi lọ díẹ̀ gbé léèsì yáàdì márùn-ún wá fún ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn. Ohun tí a jọ sọ ni gáùn gígùn, láínì nínú, apá dé ìgbọ̀nwọ́, síìpù lẹ́yìn, kò sí òkúta. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦42,000, wọ́n san ìdajì sílẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi, títí dé "kò sí òkúta" yẹn, mo ya fọ́tò ojú ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wọ́sáàpù. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, fọ́tò gáùn ẹlòmíràn wọlé sórí fóònù mi. Òkúta bo ọrùn rẹ̀, ó bo àyà, ó dé etí apá. Ohùn wọn tẹ̀ lé e: "Ọmọ mi, kàn bá mi ṣe é báyìí. Kí o sì kúkú fi èyí tó bá ṣẹ́kù rán nǹkan kékeré fún ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà ni."

Mi ò kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀ mọ́. Ibi tí aṣọ dé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí àlùmọ́gàjí kò bá tí ì kan aṣọ, ìyípadà lè má gbà ju kí n tún ìwọ̀n wò kí n sì tún àwòrán yà, mi ò sì ń gba kọ́bọ̀ fún ìyẹn. Bí mo bá ti gé e, ó kù sí ọwọ́ ìhà tí ìyípadà náà ń lọ. Ọrùn tó kéré ṣeé fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n èyí tí mo ti gé fẹ̀ kò ṣeé dá padà láìfi aṣọ mìíràn kún un. Apá gígùn ṣeé gé kúrú, apá kúkúrú kò ṣeé fà gùn. Bí mo bá wá ti rán an tán, títú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di iṣẹ́, pàápàá jù lọ lára léèsì, nítorí òwú máa ń wọ inú ọnà ara rẹ̀ débi pé abẹ tí a fi ń tú u lè gé ọnà náà pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, iye tí mo máa pè fún ìyípadà kan náà lónìí lè yàtọ̀ sí iye rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ti mọ́mì yìí, mo ti rán ara gáùn, apá ló kù kí n so mọ́ ọn. Ìyẹn dára fún òkúta, torí òun ló yẹ kó kẹ́yìn. Bí ẹ bá lẹ òkúta kí ẹ tó rán aṣọ tán, ẹsẹ̀ máṣíìnì á máa gun orí rẹ̀, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lọ aṣọ, iná áyọ́ọ̀nù á mú gọ́ọ̀mù rọ̀, òkúta á máa já sílẹ̀. Léèsì tún ní ìyọnu tirẹ̀: ihò wà lára rẹ̀, gọ́ọ̀mù á gba inú ihò náà kọjá lọ lẹ̀ mọ́ láínì. A ní láti fi náílọ́ọ̀nù sí àárín àwọn méjèèjì, kí a tẹ́ aṣọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Gbogbo èyí ló wà nínú "kàn" yẹn.

Mo wá jókòó, mo ka òdòdó ara léèsì náà. Láti ọrùn dé àyà dé etí apá méjèèjì, ó jẹ́ 65. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ fi bí ogún òkúta sí òdòdó kan, ìyẹn ni 1,300. Ọmọbìnrin tó ń lẹ òkúta lọ́dọ̀ mi máa ń lò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lórí ọ̀kan, kó tó tọ́ gọ́ọ̀mù sí i, kó gbé e, kó tẹ̀ ẹ́. Ó ju wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lọ láì gbé orí sókè, ìyẹn ni pé wákàtí márùn-ún ni fún ẹni tó ní ọrùn tó ń dun ni. Pákẹ́ẹ̀tì òkúta kan jẹ́ 1,440, kan á tó: ₦5,000. Gọ́ọ̀mù ₦3,000. Owó ọmọbìnrin náà ₦5,000. Tèmi ₦5,000. Àpapọ̀ ₦18,000. Mo tún ka ti ọrùn nìkan: òdòdó 25, òkúta 500, ₦10,000.

Èyí ni mo kọ sí wọn, mo dà á síbí bó ṣe rí:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìmúra òde. Mo rí fọ́tò náà, ó rẹwà. Gáùn yín ń lọ bí a ṣe sọ ọ́, láìsí òkúta, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú òde ni yóò délẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ òkúta bíi ti fọ́tò, ₦18,000 ni, ó máa di Ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó gbà á. Bí ó bá jẹ́ ọrùn nìkan, ₦10,000 ni, Ọjọ́bọ̀ ṣì dúró. Ti ọmọ, ₦12,000 ni pẹ̀lú láínì àti síìpù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òde ni, kí ẹ gbé e wá kí n wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, kí n lè lọ ra òkúta. Bí owó kò bá tí ì wọlé, bí a ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni màá máa rán an lọ mà."

Kò sí "rárá" níbẹ̀. Ẹni tó ju ìyá mi lọ ni, mi ò lè là á mọ́ wọn lójú báyẹn. Kò sí àwáwí níbẹ̀ pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀, àwáwí ni mo máa ń ṣe: wọn ò mú iná wá, ọmọ iṣẹ́ mi ò yá. Kò sí àwáwí tí oníbàárà kò ní wá oògùn fún. Ẹnì kan gbé jẹnẹrétọ̀ wá fún mi rí.

Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ padà. "Òkúta lásánlàsàn ni ₦18,000? Àgékù ńkọ́, ṣé mi ò fowó rà á ni?" Mo ní ẹ fowó rà á mà, tiyín ni, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ sílé. Rírán rẹ̀ ni mo dá iye lé. Wọ́n dákẹ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wá béèrè ìbéèrè tó dára: òkúta ọrùn kò tó ìdajì, kí ló dé tí owó rẹ̀ fi ju ìdajì lọ? Mo ní wọn kì í ta ààbọ̀ pákẹ́ẹ̀tì fún mi, odidi ni màá rà, èyí tó bá ṣẹ́kù á tẹ̀ lé aṣọ wọn lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ₦10,000 wọlé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti gba léèsì rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí torí pé mo dá iye lé ìpèlé tí kò sí nínú ohun tí a sọ. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo yọ ti gígé. Ó dùn mí fún ọjọ́ méjì.

Àṣìṣe ọwọ́ mi kì í ní owó. Bí aṣọ bá fún yín mọ́ra, tí ìwọ̀n inú ìwé mi sì fi hàn pé èmi ni mo gé e kéré, màá tú u, màá tún un rán, màá tọrọ àforíjì. Tó bá sì wù mí láti ta ẹnì kan lọ́rẹ, mo ṣì máa ń kọ iye rẹ̀, màá wá fa ìlà sí i, màá kọ "ẹ̀bùn" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni náà lè rí ohun tí mo fún un. (Ìyá ọkọ mi nìkan ni mi ò tí ì fi ìwé yẹn hàn.)

Ọjọ́bọ̀ ni mọ́mì wá gbé gáùn wọn. Àgékù léèsì náà kù díẹ̀ kó pé yáàdì kan. Mo ká a, mo fi ìyókù òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù, mo fi méjèèjì lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n tú náílọ́ọ̀nù náà wò, wọ́n yọ àgékù jáde, wọ́n gbé e padà sórí tábìlì mi. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lo ní kí n gbé ọmọ yẹn wá, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. ₦6,000 ni ẹ máa san sílẹ̀.