Ife gbígbóná ló ń bomi la wisikí yín

Níbi àpèjẹ kan lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé wisikí fún mi pẹ̀lú yìnyín róbótó kan ṣoṣo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, ó sì mọ́ gaara bíi dígí. Ọmọkùnrin tó gbé e wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ní bomi la ọtí yín o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ife yẹn nípọn nídìí, ó wúwo, ó sì gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, torí inú oòrùn ni wọ́n to gbogbo ife sí láti ọ̀sán. Kí n tó mu dé ìdajì, ọtí ti ṣàn.

Èrò ọkàn mi ni pé yìnyín ńlá kì í dá omi dúró, ó kàn ń jẹ́ kó rọra wọlé ni. Ooru ló ń yọ́ yìnyín. Iye ooru tó bá wà nínú ọtí àti nínú ife ló máa sọ iye omi tí ẹ máa mu kí ọtí yẹn tó tutù. Kí gíráàmù yìnyín kan tó yọ́ tán, ooru tó máa gbà lè mú gíráàmù omi kan kúrò ní 80 digírí wá sí òdo. Yíyọ́ yẹn gan-an ni títutù. Èyí tí yìnyín gbé wá látinú fíríìsà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kò ju bíi 9 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 80 yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Mililítà 60 wisikí ni mo dà, ìgò rẹ̀ ti wà lórí tábìlì, ó ti tó 30 digírí. Kí ó tó dé òdo, bíi mililítà 21 yìnyín gbọ́dọ̀ di omi sínú rẹ̀. Wisikí tó jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún ti di nǹkan bíi 30. Ife ńkọ́? Èyí tó wúwo tó gíráàmù 300, bí gbogbo rẹ̀ bá tutù dé òdo, yóò gba bíi 22 mìíràn. Ká tiẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ ló tutù, 11 ṣì ni, ọtí ti wálẹ̀ sí 26. Ife lásán ló mu gbogbo yẹn o! Ẹ ki ife sínú fíríìsà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì fi ìgò sínú fíríìjì kó dé 5 digírí. Mililítà 4 péré ni yìnyín máa fi tu ọtí. Òótọ́ ni pé òórùn wisikí tó tutù gan-an kì í jáde dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, kó mu ún láìsí yìnyín rárá.

Títóbi rẹ̀ wúlò lóòótọ́, mi ò jiyàn. Yìnyín onígun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 ní ojú tó kan ọtí tó tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 150. Ẹ gé e sí mẹ́jọ, ojú yẹn di 300, ó sì ń yọ́ kíákíá. Róbótó tó wúwo bákan náà ní bíi 121. Ìyàtọ̀ bí ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn, mi ò lè torí ẹ̀ san owó lé owó. Róbótó náà kì í sì tutù kíákíá. Àkọ́mu ẹ ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Èyí tó ń ba ọtí wa jẹ́ nílé ni yìnyín inú náílọ́ọ̀nù tí a ń rà nígbà tí iná ò bá sí, tí a ń fi ọmọ odó fọ́. Omi ti lẹ̀ mọ́ ara èérún rẹ̀ kó tó wọnú ife, omi yẹn ò sì tu nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ kàn án: tó bá lẹ̀ mọ́ ìka, ó gbẹ, tó bá ń yọ̀, ẹ kọ́kọ́ dà á sórí asẹ́ kó ro.

Tó bá kan kọkitéèlì tí wọ́n ń mì, bíi Dáíkírì tí wọ́n fi rọ́ọ̀mù, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà ṣe, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí a bá mì ín gidi fún ìṣẹ́jú-àáyá 12 sí 15, ọtí àti yìnyín á fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù dọ́gba, ì báà jẹ́ kékeré tàbí ńlá. Omi tó wà lára kékeré láti ilẹ̀ nìkan ló ń fa ìyàtọ̀. Àbúrò mi tó ń ta ọtí ṣì ń bá mi jà lórí èyí. Mo ní kó gbé òṣùwọ̀n wá.