Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá ti fi sí ọ́síjìn kì í pẹ́ kú?

Bí ẹ bá wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí ní Ìperu, tí ìròyìn dé pé wọ́n gba ìyá lágbájá sílé ìwòsàn nítorí èémí, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde: "Wọn ò tíì fi gáàsì sí i ṣá?" Bí wọ́n bá ní wọ́n ti fi sí i, àwọn èèyàn á mi orí, àwọn mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn jẹ́jẹ́ bi ara wọn ibi tí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun dé. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti rí ọmọ tó yọ ìbòmú kúrò lójú bàbá rẹ̀ lóru, nítorí ó gbà pé òun ń gbà á lọ́wọ́ ikú ni. Ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ gidigidi, pàápàá lórí àìsàn kan tó pọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà wa tó ti pẹ́ nídìí èéfín.

Àìsàn náà ni àwọn dókítà ń pè ní sí-ó-pí-dí. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró ló ti fún, tí ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ sì ti bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Sìgá ni gbogbo ayé mọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò fẹnu kan sìgá rí, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún jókòó ti agbada gàrí, tí èéfín igi ń fẹ́ sí i lójú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, òun náà lè ní in. Kì í lọ tán. Oògùn lè mú kó rọlẹ̀ kí èèyàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ru sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó bá ru sókè yìí ni ọ̀rọ̀ ọ́síjìn máa ń wáyé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí a máa ń rí nígbà ọyẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ayan-gàrí. Lójoojúmọ́ ló ń wúkọ́ láàárọ̀, ó ń tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ funfun díẹ̀, ó ń rìn lọ sí ibùdó gàrí, ó sì máa ń dúró mí lẹ́ẹ̀kan kó tó débẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ó sì yẹ kí ará ilé mọ̀ ọ́n dáadáa, torí pé ohun tó bá yàtọ̀ sí i ni àmì.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó ọ̀fìnkìn wá láti ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́ kejì ó ran màmá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń tu wá pọ̀ sí i, ó ki, ó kúrò ní funfun, ó di aláwọ̀ ewé. Ó di pé kó tó ti yàrá dé ilé ìdáná, ó ti ń mí hẹlẹ. Ínhélà aláwọ̀ búlúù tó máa ń gbé e di alẹ́ tẹ́lẹ̀ kò tó wákàtí méjì mọ́. Nǹkan mẹ́ta tó yí padà nìyí: èémí, bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti àwọ̀ rẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́ta bá yí padà, ẹ má retí ọjọ́ kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí aláìsàn bá fa ínhélà tán, tó sì tún béèrè fún un kí wákàtí mẹ́rin tó pé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé màmá lọ rí dókítà, nígbà tó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ mọ́tò.

Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe nílé ni pé wọ́n fi róòbù pa á láyà, wọ́n sè àgbo, wọ́n ní ọyẹ́ ni. Lóru ọjọ́ kẹta, màmá kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, ó ń fún ẹnu bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ná, iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ ní gbogbo ìgbà tó bá mí sínú. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀, kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ kó tó gbà èémí. Wọ́n gbé ògì fún un, ó ń tòògbé lórí rẹ̀. Ará ilé yọ̀, wọ́n ní ara ti ń tù ú, ẹ jẹ́ kó sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, níbí ni kí ẹ tẹ́tí sí mi jù. Oorun yẹn kì í ṣe ìsinmi. Ẹni tí kò rí èémí gbà láti àná, tó wá ń tòògbé ní ọ̀sán gangan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ra tàbí tó ń dárúkọ ọmọ kan fún òmíràn, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó yẹ kó mí síta ló ti kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń mú ọpọlọ rẹ̀ sùn. Ẹ má fún un ní oògùn oorun tàbí oògùn ikọ́ tí kòdíìnì wà nínú rẹ̀, torí pé wọ́n á tún dín èémí náà kù. Ẹ wo inú ètè rẹ̀ àti ahọ́n bóyá ó ti ń dúdú bí aró. Lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ibẹ̀ ló ti máa ń hàn, kì í ṣe ojú. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti ka bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ mọ̀ pé ó lè ka iye tó ga ju òótọ́ lọ díẹ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, àti pé làálì lè da kíkà rẹ̀ rú. Bí èèyàn bá ń mí gúlegúle tí ẹ̀rọ náà ń sọ pé kò sí nǹkan, èèyàn ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bí ìyá yìí ṣe délé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rọ ìka ka ọ́síjìn rẹ̀ ní 81 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń mí nígbà 32 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá kú lọ́jọ́ náà, ohun tí àdúgbò máa rántí ni rọ́bà tó wà nímú rẹ̀. Wọn kò ní rántí ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi dá a dúró sílé, àti òru tó fi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti le jù là ń fi ọ́síjìn sí, a kì í fi sí ẹni tí orí ń fọ́. Nítorí náà, nínú àwọn tí ẹ rí pẹ̀lú rẹ̀, àwọn kan á kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni wọ́n gbé wá nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi òótọ́ kan pamọ́ fún yín. Nínú àìsàn yìí, ọ́síjìn tó pọ̀ jù ń ṣèpalára. Ní 2010, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Tasméníà ní Ọsirélíà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ti fún àwọn kan ní ọ́síjìn púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, tí wọ́n sì díwọ̀n rẹ̀ fún àwọn yòókù. Láàárín àwọn tó ní sí-ó-pí-dí gan-an, bíi mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn tó gba púpọ̀. Lára àwọn tí wọ́n díwọ̀n rẹ̀ fún, bíi méjì ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ máa ń darí ẹ̀jẹ̀ kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, lọ síbi tó dé. Bí a bá da ọ́síjìn bò ó, ó máa ń dáwọ́ ìdarí yẹn dúró, ẹ̀jẹ̀ á máa gba ibi tí kò ti lè tú afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí sílẹ̀, oorun burúkú yẹn á sì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń díwọ̀n. Rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n kì bọ imú màmá, lítà méjì ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń wo ẹ̀rọ ìka. Ibi tí a ń lé ni 88 sí 92. Nígbà tó dé 90, a fi í síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti Èkó dé bínú, ó ní 100 ni ti òun, kí ló dé tí ti ìyá òun fi jẹ́ 90, ó sì na ọwọ́ sí ìdè sìlíńdà láti ṣí i sókè. Ìyá náà kò nílò 100. Ẹni tó bá ṣí ìdè yẹn sókè lẹ́yìn nọ́ọ̀sì lè ṣe é ní jàǹbá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yọ rọ́bà náà kúrò.

Ọ́síjìn nìkan kọ́ ni ìtọ́jú. Ńṣe ló ń gbé èèyàn ró kí oògùn tó ṣiṣẹ́. Wọ́n fi sabutamọ́ọ̀lù àti ipratrópíọ́mù sínú nẹbuláísà, ẹ̀rọ tó ń sọ oògùn di ìkùukùu tí aláìsàn ń mí sínú, kí ọ̀nà èémí lè là. Wọ́n fún un ní prẹdinisólónì mílígírámù 40, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, láti mú kí wíwú inú ọ̀nà èémí rọlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún yẹn, ẹ má lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Nítorí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, wọ́n fi áńtíbáyótíìkì kún un. Ká ní funfun ló ṣì jẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kó má nílò rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò àyà, kó má jẹ́ pé òtútù àyà ni tàbí pé afẹ́fẹ́ ti jò síta ẹ̀dọ̀fóró, nítorí ìtọ́jú ìyẹn yàtọ̀.

Nítorí oorun tó ń kùn ún ni wọ́n tún fi gba ẹ̀jẹ̀ láti iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ṣe pọ̀ tó, torí pé ẹ̀rọ ìka kò mọ ìyẹn rárá. Bí afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí náà bá ṣì pọ̀, tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan bí ásíìdì lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan tí oògùn ti wọlé, ìbòmú kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ojú típẹ́típẹ́, tí ẹ̀rọ ń ti afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ láti ran àyà lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní i, nítorí náà wọ́n lè ní kí ẹ máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Ẹ má ka ìyẹn sí pé wọ́n ti lé yín. Ti màmá yìí kò dé ibẹ̀. Nígbà tí nẹbuláísà kejì parí, ó ti lè sọ gbólóhùn kan tán, ó sì ní kí wọ́n gbé ògì wá.

Àwọn kan wà tí ọ́síjìn wọn á ṣì kéré lẹ́yìn tí ara wọn ti balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní 1981, àwọn dókítà ní Britéènì fi ìwádìí hàn nípa irú wọn. Nínú èèyàn 42 tó ń lo ọ́síjìn nílé fún ó kéré tán wákàtí 15 lóòjọ́, 19 ló kú láàárín ọdún márùn-ún. Nínú èèyàn 45 tí kò lò ó, 30 ló kú. Bí dókítà bá kọ irú rẹ̀ fún ẹnì kan nílé yín, ẹ jẹ́ kó lò ó bí wọ́n ṣe díwọ̀n rẹ̀. Kí ẹ sì gbé e jìnnà sí iná agbada, àtùpà àti sìgá, nítorí pé ibi tí ọ́síjìn bá wà, iná kì í ràn díẹ̀.