Ẹgbẹ̀rún kan á di ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún?

Tíṣà Kíláàsì Àgbà: Ẹ̀yin ará, àlejò oníwàásù kan ka Máàkù 10:30 fún wa, níbi tí Jésù ti ṣèlérí èrè lọ́nà ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó bá fi nǹkan sílẹ̀ nítorí òun. Ó ní ẹni tó bá gbin 1,000 náírà á ká 100,000. Èmi ni mo máa kọ́ ẹ̀kọ́ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí àwọn ará fi Bíbélì yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, tí ò ní dìjà?

Ọmọ Pásítọ̀: Ẹ rọra o. “Ẹ má fọwọ́ kan ẹni òróró mi.”

Bàbá Bèríà: Ọmọ mi, àwọn ọba ni Sáàmù 105 ní Ọlọ́run kìlọ̀ fún, kí wọ́n má pa àwọn baba ńlá Ísírẹ́lì lára. Kò kan yíyẹ ìwàásù wò. Àlejò ni Pọ́ọ̀lù náà ní Bèríà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń wo ìwé bóyá bó ṣe wí ló rí. Ìṣe 17:11 yìn wọ́n.

Tíṣà, ẹ má dárúkọ àlejò yín rárá. Ẹ ní kí ẹnì kan kà á láti ẹsẹ 17. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan wá, Jésù ní kó ta ohun tó ní. Ẹ wá bi wọ́n: ta ni kó kó owó náà fún? Tálákà ni. Tẹ́ ẹ bá dé ẹsẹ 30, ìyá wà lára ohun tí a máa gbà lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ta ló fẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ìyá? Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣí 3:35, níbi tí Jésù ti sọ pé ẹni tó bá ń ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run ni ìyá òun. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí 10:30, ẹ ní kí wọ́n ka “pẹ̀lú inúnibíni” sókè. Ṣé àlejò yín ka ìyẹn?

Tíṣà Kíláàsì Àgbà: Ó dúró kó tó débẹ̀, sà.

Ìyá Ìbejì: Ní tèmi o, òróró ni wọ́n tà fún mi, 5,000. Wọ́n ní kí n máa wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìdajì rẹ̀ ṣì wà lórí àga nílé. Ṣé ẹsẹ wà fún ìyẹn?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ṣùgbọ́n Ísákì gbìn, ó sì ká ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan náà. Jẹ́nẹ́sísì 26:12.

Bàbá Bèríà: Òótọ́ ni. Àmọ́ oko ló dá, kò kó irúgbìn fún wòlíì. Pétérù wà níbẹ̀ nígbà tí Jésù ṣèlérí ọgọ́rùn-ún yẹn, òun náà ló sì wí ní Ìṣe 3:6 pé fàdákà àti wúrà, òun ò ní.

Ọmọ Pásítọ̀: Ṣé fífúnni ò wá ní ìbùkún mọ́ ni, sà? 2 Kọ́ríńtì 9:6 ńkọ́?

Bàbá Bèríà: Ó ní. Owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn mímọ́ tó jẹ́ aláìní ni ibẹ̀ ń sọ, Pọ́ọ̀lù ò sì dá iye èrè.

Tíṣà Kíláàsì Àgbà: Tẹ́nì kan bá wá dìde pé òun gbìn, ó sì ṣẹ ńkọ́?

Bàbá Bèríà: Ibẹ̀ le. Diutarónómì 13 ní àmì lè ṣẹ kí ẹni tó ṣe é ṣì jẹ́ ẹlẹ́tàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrìṣà ni ibẹ̀, n ò fẹ́ fà á ju bó ṣe gùn lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí òróró o.