Kí wọ́n dáírẹ́ẹ̀tì wátà hítà kì í ṣe àtúnṣe

Wọ́n tún ti sọ ọ́ ní Òkè-Fìà lọ́sẹ̀ yìí: bí tẹ́mósítáàtì hítà bá bàjẹ́, kí rẹ́wáyà sáà dáírẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ni pé kó yọ tẹ́mósítáàtì kúrò lójú ọ̀nà iná, kó so wáyà méjèèjì rẹ̀ pọ̀, kí onílé máa fi àìsólétọ̀, súìṣì hítà náà, tàn án, kó máa fi pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Àìsólétọ̀ ò mọ̀ bóyá omi gbóná tàbí ó tutù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gé láìfù àti nútírà pa pọ̀, kí ẹni tó fẹ́ tú hítà má bàa gba iná. Tẹ́mósítáàtì ló ń ṣọ́ omi. Nínú èyí tó ní ọ̀pá gígùn, ibẹ̀ náà ni ohun tó ń gé iná bí ooru bá pọ̀ jù máa ń wà. Ẹni tó so wáyà méjèèjì pọ̀ ti lé ẹ̀ṣọ́ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ gbé hítà lítà 50, tí ẹlimẹ́ntì rẹ̀ jẹ́ 2,000 wáàtì. Omi tó wà ní 25°C yóò dé 65°C ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 70. Bí nǹkan kan ò bá dá a dúró, kò ní ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ kó tó dé 100°C. Ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí l'Óṣogbo: onílé tan hítà lálẹ́, wọ́n mú iná lọ, ó fi omi tútù wẹ̀, ó sùn. Àìsólétọ̀ ṣì wà ní títàn. Iná dé láago kan òru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fáàfù kékeré ẹ̀gbẹ́ táǹkì nìkan ló kù tó lè tú agbára inú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdọ̀tí omi bá ti dí i, táǹkì lè bẹ́. Àwọn tó ti dáírẹ́ẹ̀tì á ní tiwọn ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bẹ́.

Pípààrọ̀ tẹ́mósítáàtì gan-an ò le. Ẹ pa bíréékà àti àìsólétọ̀, kí ẹ fi tẹ́sítà wo ojú wáyà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí omi bá tutù, mítà yẹ kó ka nǹkan bí 0 láàárín ojú tí iná ń gbà wọlé àti ojú tó ń gbà jáde lára tẹ́mósítáàtì. Bí kò bá kà á, ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré orí rẹ̀ ná. Ẹlimẹ́ntì náà yẹ kó ka bí óòmù 26. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kọ́ ló bàjẹ́. Ẹ fa ọ̀pá tẹ́mósítáàtì jáde. Inú ihò gbígbẹ ló wà, ẹ ò ní da omi nù. Ẹ mú ògbólógbòó náà lọ sọ́jà, kí gígùn ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti áńpù rẹ̀ bá ara mu. Ẹ yí i sí 60, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná títí omi yóò fi máa ṣàn geere kí ẹ tó tan iná.

Kí ẹ tó tan bíréékà padà, ẹ tú ojú àìsólétọ̀. Bí ike rẹ̀ bá ti pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ sikúrúù, wáyà ti tú níbẹ̀, ó sì ń jó díẹ̀díẹ̀. Ẹ ra oníbejì 20A míì, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ síta balùwẹ̀.