Èsì wa fún àǹtí tó ra epo ọsàn àti òróró rósímárì

"Mo ra epo ọsàn 30 mílì àti òróró rósímárì fún irun níbí. Àkọ́kọ́ ó dáa gan-an. Kò tó oṣù 5, epo ọsàn ń rùn bíi tínà, tirun yẹn náà ń rùn bí ẹ̀pà àtijọ́. Mo da epo ọsàn yẹn sínú ike sipréè 100 mílì tó mọ́, mo gbé e sójú wíńdò kíṣìnì, omi ò kàn án. Wọ́n kọ ọdún kan sára ẹ̀, ọdún kan dà? Sítáà 2."

Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ilé ńkọ́? A ti wo fọ́tò tẹ́ẹ fi sí i dáadáa, mo sì fẹ́ fèsì ẹ̀ níta gbangba torí àwọn oníbàárà wa ní Ìkòròdú níbí tó ń da epo sínú ike ò kéré rárá.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ike yẹn nísàlẹ̀ nínú fọ́tò yín, ó ti ń wọnú, kò nà dáadáa mọ́. Ẹ tún wo ẹnu ẹ̀, nǹkan kan dì mọ́ ọn tó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Epo ọsàn kì í ṣe òróró bí èyí tí a fi ń dín dòdò o, ara èèpo ọsàn ni wọ́n ti ń fún un, ó sì ju 90 nínú 100 ẹ̀ lọ tó jẹ́ nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní límónììn. Límónììn yìí máa ń wọ inú ike, á jẹ́ kó rọ̀, ìyẹn ló ṣe ń wọnú yẹn, ike náà á sì máa jẹ́ kí òórùn ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Igò ní tiẹ̀, límónììn kì í ṣe é ní nǹkan kan.

Àmọ́ ike gan-an kọ́ ló sọ ọ́ di tínà. Atẹ́gùn ni. Ọ́síjìn tó wà nínú atẹ́gùn ló ń jẹ límónììn, bó bá sì ti ń jẹ ẹ́, á máa yí i padà di nǹkan míì, òórùn dídùn yẹn á lọ, èyí tó ń ta imú á kù. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ wò: epo 30 mílì lẹ dà sínú ike 100 mílì, ìyẹn ni pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ti fún un ní 70 mílì atẹ́gùn tó jókòó lé e lórí, gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá sì tún fín in, atẹ́gùn tuntun ló ń wọlé dípò èyí tó jáde. Nínú igò tí a fi tà á fún yín, epo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ọrùn, ibi tí atẹ́gùn máa dúró sí ò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé tí epo bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, ẹ má jẹ́ kó wà nínú igò ńlá yẹn mọ́, ẹ dà á sínú igò kékeré tó máa kún, bí 8 mílì bá kù, igò 10 mílì ni kẹ́ẹ wá fún un. Igò náà gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú kẹ́ẹ tó dà á.

Wíńdò wá dá kún un. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló máa ń ti ìbàjẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, pàápàá apá tí ojú wa ò rí, igò búráùn sì máa ń dí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lọ́nà, ìdí tí a fi ń san owó lé e nìyẹn, kì í ṣe fún fáàrí. Ṣùgbọ́n igò búráùn ò lè dí ooru o. Bí ooru bá fi bíi dígírì 10 lé, ìbàjẹ́ yẹn á yára tó ìlọ́po 2, ìyẹn ìṣirò gbogbogbòò tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà máa ń lò. Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn oṣù kejì ṣe ń mú, kíṣìnì tí sítóòfù tún wà nínú ẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù dáa jù ú lọ. Fírìjì náà dáa gan-an fún epo ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù, àmọ́ bẹ́ẹ bá gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí òtútù ara ẹ̀ lọ tán kẹ́ẹ tó ṣí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á ti inú atẹ́gùn dì sínú ẹ̀.

Ọdún kan tó wà lára lébẹ́lì, inú igò yẹn náà ló ń kà fún, tí ìdérí ẹ̀ dé dáadáa, níbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn. Kì í sì í ṣe gbogbo epo ló rí bẹ́ẹ̀, ìdílé ọsàn ló máa ń tètè bàjẹ́ jù, sándáwúùdù ní tiẹ̀ lè pẹ́ lọ́dọ̀ yín kó má ṣe nǹkan kan.

Ti irun yẹn, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Òróró sànfláwà la rẹ ewé rósímárì gbígbẹ sí, torí ó fúyẹ́ lórí irun, ọ̀rá inú ẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó, kì í ṣe ewé. Ọ̀rá sànfláwà sì jẹ́ èyí tí ọ́síjìn tètè máa ń bá jà, òun ló ń rùn bí ẹ̀pà àtijọ́ yẹn. Ká ní àdín àgbọn la fi ṣe é ni, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ á máa dì nígbà òtútù, àwọn kan ò sì fẹ́. Fáítámì E tí a fi sí i ń dá ìbàjẹ́ dúró díẹ̀ ni, tó bá ti bàjẹ́ kò lè sọ ọ́ di tuntun mọ́.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì dáa, ẹ má kàn gbóòórùn ẹnu igò, ibẹ̀ lepo máa ń gbẹ sí. Fún òróró irun, ẹ kán ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì ra á títí á fi móoru, kẹ́ẹ wá gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn bíi kiréyọ̀n àwọn ọmọ iléèwé tàbí bí ọ̀dà, ó ti lọ. Fún ti ọsàn, ẹ ti pépà funfun bọ inú ẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wákàtí kan: èyí tó dáa á rùn bí èèpo ọsàn títí tí òórùn ẹ̀ á fi máa lọ, èyí tó ti bàjẹ́ á ta imú, ojú pépà á sì máa lẹ̀ mọ́ ìka.

Ẹ jọ̀ọ́, epo ọsàn tó wà nínú ike yẹn, ẹ má fi para, ẹ má sì tún fi sómi ìwẹ̀. Nǹkan tí límónììn yẹn yí padà sí lè jẹ́ kí ara máa yún, ó tiẹ̀ lè jẹ́ kí ara kọ epo ọsàn tuntun pàápàá láti ìgbà yẹn lọ. Ẹ lè fi yọ gọ́ọ̀mù lébẹ́lì lára igò, kẹ́ẹ sì ṣí wíńdò sílẹ̀ bẹ́ẹ bá ń ṣe é. Ti irun ní tiẹ̀, ẹ dà á nù.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìta-Ẹlẹ́wà, a ti ya igò búráùn 10 mílì sọ́tọ̀ fún yín, a ò ní gbowó. Bẹ́ẹ bá tún fẹ́ ra òróró irun, ẹ sọ fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé àdín àgbọn lẹ fẹ́ kí wọ́n fi rẹ ewé yín, kó sì kọ ọjọ́ tẹ́ẹ gbà á sí ìdí igò.